"Ọkọ Olóògbé" di "Oko Olóògbé": orúkọ ìsàlẹ̀ fídíò tí ojú ò rí kà lórí fóònù

Oníkámẹ́rà_ÒkèÀró

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, fídíò òde ni mò ń yà: ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìwúyè. Ìtìjú ló gbé mi wá síbí lónìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo parí fídíò ìsìnkú ìyá àgbà kan. Gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa màmá ni mo kọ orúkọ àti ipò rẹ̀ sísàlẹ̀ àwòrán, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n. Lórí kọ̀ǹpútà mi, ó dára débi pé mo pe ọkọ mi wá wò ó. Mo fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp ẹbí. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí àkọ́bí màmá fi pè mí: "Àǹtí, kí ni bàbá wa ṣe fún yín tí ẹ fi kọ 'Oko Olóògbé' sí wọn lábẹ́?"

"Ọkọ Olóògbé" ni mo kọ! Mo padà lọ wò ó lórí kọ̀ǹpútà, àmì abẹ́ ọ wà níbẹ̀, méjèèjì. Mo wò ó lórí fóònù, kò sí ọ̀kan. Èyí tó wá burú jù ni pé àgbẹ̀ kòkó ni bàbá, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí: fídíò 1920 × 1080 nínú Premiere, fọ́ǹtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, orúkọ ní ìwọ̀n 60, ipò ní 44. Lẹ́tà funfun lórí pátákó dúdú. Mo fa ìlà góòlù tínrín kan sábẹ́ lẹ́tà gan-an kó lè ní ẹwà, pátákó náà sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Orúkọ 31 ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo sì gbọ́dọ̀ tún ṣe. Báwo ni kí n ṣe é tí fóònù ò fi ní gbé àmì mi mì mọ́?

Mọ̀mí_Oníkòkó

Ọmọ mi, má bínú. Lọ sí Settings lórí fóònù, wá tẹ Display, wàá rí Font size níbẹ̀, fà á lọ sí ọ̀tún. Ọmọ mi ọkùnrin ló ṣe tèmi, gbogbo lẹ́tà WhatsApp mi ti rí ràgàjì.

Oníkámẹ́rà_ÒkèÀró

Ẹ ṣé, mọ̀mí. Ti inú fídíò yàtọ̀ díẹ̀, mà. Ó ti di ara àwòrán, bí ìgbà tí ẹ ya fọ́tò ìsọ̀ tí wọ́n kọ nǹkan sára ògiri rẹ̀. Ohun yòówù kí ẹ tẹ̀ nínú Settings, lẹ́tà ara ògiri yẹn ò ní tóbi sí i.

Ọmọ_Alágbàká

Ọ̀rọ̀ tó rọrùn. 1080 lo fi ṣe é, ìyẹn ni ò fi hàn. Fi 4K gbé e jáde, gbogbo àmì á yọ gedegbe. Láti ọdún tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi 4K ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò ráhùn sí mi mọ́.

Ẹlẹ́rọ_Oǹdó

Àbúrò Alágbàká, ó ku díẹ̀. Màá dé orí 4K, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àǹtí oníkámẹ́rà lóhùn.

Ẹ mú rúlà, kí ẹ fi wọn ojú fóònù yín ní ìbú, bí ẹ ṣe ń dì í mú ní òòró. Tèmi jẹ́ mìlímítà 68, púpọ̀ nínú fóònù ọjà ò sì jìnnà sí i. Ẹni tó bá ṣí fídíò yín nínú WhatsApp láìyí fóònù sí ẹ̀gbẹ́, inú mìlímítà 68 yẹn ni píksẹ́lì 1920 yín ti ń fún ara wọn. Ẹ pín in: nǹkan bí píksẹ́lì 28 ló wà nínú mìlímítà kan.

Ìwọ̀n 44 tí ẹ pè yẹn kì í ṣe gíga lẹ́tà. Ara lẹ́tà kékeré bí o tàbí e kì í ju ìdajì rẹ̀ lọ, ìyẹn píksẹ́lì 22. Lórí fóònù, kò pé mìlímítà kan. Ẹ wá gbé ìwé ìròyìn kan, kí ẹ fi rúlà yẹn wọn lẹ́tà o inú rẹ̀: nǹkan bíi mìlímítà kan ààbọ̀ ni. Ìdajì lẹ́tà ìwé ìròyìn lẹ gbé fún bàbá ọlọ́jọ́ orí láti kà, ó tún ń rìn kọjá lójú wọn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 5.

Torí náà, tí a bá fẹ́ kí lẹ́tà o wa tó ti ìwé ìròyìn, 1.5 lọ́nà 28 jẹ́ píksẹ́lì 42. Ìwọ̀n fọ́ǹtì tó lè fún wa ní 42 yẹn jẹ́ nǹkan bí 84. Bí mo ṣe rí 84 nìyẹn, kì í ṣe òfin láti ọ̀run. Ẹni tó ń lo CapCut, ẹ má kọ 84 síbẹ̀ o, nọ́ńbà ibẹ̀ kì í ṣe píksẹ́lì. Ẹ kàn wò ó pé ara lẹ́tà o tó nǹkan bí ìdá kan nínú 25 gíga àwòrán.

Ẹ tún wo ibi tí ẹ gbé e gbà: orúkọ lẹ fi 60 kọ, ipò lẹ fi 44 kọ. Ipò yẹn ló sì ní "Ọkọ" nínú. Nínú fídíò ìsìnkú, gbogbo ẹbí ló mọ orúkọ bàbá tẹ́lẹ̀. Ìbátan tó wà láàárín ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti olóògbé ni àwọn àlejò ń wá. Ẹ fi 84 kọ méjèèjì, tàbí kí ẹ má jẹ́ kí ipò kéré ju 72 lọ.

Oníkámẹ́rà_ÒkèÀró

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo wọn tèmi, 70 ni. Ṣùgbọ́n ohun kan ò yé mi. Wọ́n rí "Oko" kà. Àmì nìkan ló sọnù. Ṣé ìwọ̀n lẹ́tà ló tún fà á ni?

Ẹlẹ́rọ_Oǹdó

Ìbéèrè tó dáa. Nǹkan méjì ló para pọ̀ pa àmì yẹn.

Àkọ́kọ́: nínú fọ́ǹtì tínrín ní ìwọ̀n 44, àmì abẹ́ kì í ju píksẹ́lì 4 sí 5 lọ. WhatsApp á fún fídíò pọ̀ kó tó gbé e lọ. Ká ní ó dín ìbú rẹ̀ kù láti 1920 sí 640, ìdá mẹ́ta ló fi pín in, àmì yín ti di píksẹ́lì kan ààbọ̀ nìyẹn. Ohun tó ń fún fídíò kò mọ èdè Yorùbá. Bí ó bá rí ohun kékeré báyìí lórí ilẹ̀ dúdú, ó máa ń kà á sí ìdọ̀tí, á sì fi àwọ̀ ilẹ̀ pa á rẹ́. Ara lẹ́tà o ṣì kù torí pé ó tóbi tó láti kọ̀ fún un.

Èkejì ni ìlà góòlù yẹn. Àmì tí ì bá ṣẹ́ kù ti wọnú ìlà, wọ́n ti di ọ̀kan. Ojú tó ń wò ó á rò pé ìlà ló nípọn díẹ̀ níbẹ̀. Òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì lè fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà rẹ̀ bó ṣe wù ú. Àwa, abẹ́ lẹ́tà wa kì í ṣe ilẹ̀ òfo, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ń gbé níbẹ̀.

Ẹ gbé góòlù lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì pátákó, kó dúró lóòró bí òpó. Ẹ lo fọ́ǹtì tó nípọn. Ní ìwọ̀n 84 tó nípọn, àmì abẹ́ á tó píksẹ́lì 11. Bí wọ́n tilẹ̀ pín in sí mẹ́ta, á ku bíi mẹ́rin, ìyẹn á dúró. Lẹ́yìn náà, láti ẹsẹ̀ lẹ́tà dé etí pátákó nísàlẹ̀, ẹ fi tó píksẹ́lì 40 sílẹ̀. Àmì fúnra rẹ̀ á gba bí ìdajì, ìyókù á jẹ́ àyè tó fi ń mí.

Ní ti 4K: fọ́ǹtì tó gba ìdá kan nínú 50 àwòrán ní 1080, ìdá kan nínú 50 náà ló máa gbà ní 4K. Fóònù ò fẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àbúrò ò purọ́ tán: lórí YouTube, fídíò tí a gbé síbẹ̀ ní 4K sábà máa ń mọ́ ju ti 1080 lọ, torí bí wọ́n ṣe ń fún un yàtọ̀. WhatsApp ò ní bá yín ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn máa fún un wálẹ̀ ni.

Ọmọ_Alágbàká

Mo gbà fún WhatsApp. YouTube làwọn oníbàárà mi ń béèrè, bóyá ìdí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, 84 ti pọ̀ jù o! Ó máa dà bíi pósítà ìbò. Àwòrán tí mo fi owó kámẹ́rà ńlá yà, lẹ́tà á wá bò ó mọ́lẹ̀?

Ẹlẹ́rọ_Oǹdó

Lórí kọ̀ǹpútà, ó máa rí wúruwùru lóòótọ́, kò sí bí a ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ẹ má fi ojú kọ̀ǹpútà dá a lẹ́jọ́. Bí mo ṣe ń ṣe ni pé mo ń dín àwòrán kù lójú kọ̀ǹpútà títí ó fi fẹ̀ tó fóònù mi, màá wá fà sẹ́yìn díẹ̀. Tàbí kí n fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́ kí WhatsApp tó bà á jẹ́ fún mi. Ẹni tó bá ní ffmpeg, ohun èlò tó ń fún fídíò pọ̀, lórí kọ̀ǹpútà, kó gé ìṣẹ́jú kan nínú fídíò, kó ṣe báyìí:

```
ffmpeg -i idanwo.mp4 -vf scale=640:360 -c:v libx264 -b:v 400k -c:a copy kekere.mp4
```

Ẹ gbé `kekere.mp4` sórí fóònù, kí ẹ jáde síta ní ọ̀sán gangan. Bí ẹ bá rí "Ọkọ" kà nínú oòrùn, ẹ̀rù ò bà yín mọ́. Ẹni tí kò ní ffmpeg, kó fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan lórí WhatsApp, kó wò ó lórí fóònù ẹni yẹn. Òótọ́ tó ń ṣẹlẹ̀ sí fídíò òde nìyẹn: ẹbí máa ń fi ránṣẹ́ síra wọn.

Akọrin_Yaba

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Èmi ni mò ń bójú tó kámẹ́rà ìjọ wa níbí ní Oǹdó. Ìwọ̀n lẹ́tà tiwa tóbi dáadáa, ó nípọn, síbẹ̀ àwọn tó ń wò wá láti ilé ní àwọn ò rí ẹsẹ Bíbélì kà, wọ́n ní ó ń jó. Àwọ̀ ẹgbẹ́ wa ni mo lò, lẹ́tà pupa lórí pátákó aláwọ̀ ewé. Ṣé kí n mú un tóbi sí i ni?

Ẹlẹ́rọ_Oǹdó

Rárá o. Àwọ̀ ni. Fídíò tó ń dé orí fóònù wa, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn rẹ̀ ni wọ́n tọ́jú pé. Àwọ̀ rẹ̀, ìdajì ní ìbú àti ìdajì ní gíga ni wọ́n tọ́jú. Nínú 1920 × 1080, àwọ̀ kò ju 960 × 540 lọ. Pupa yín àti ewé yín, bí ìmọ́lẹ̀ wọn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àwọ̀ nìkan ló ń ya etí lẹ́tà sọ́tọ̀, ibi tí wọ́n sì ti rẹ́ yín jẹ nìyẹn.

Ẹ ya ojú àwòrán náà, kí ẹ yí i sí dúdú àti funfun nínú fóònù. Bí lẹ́tà bá pòórá, ìṣòro nìyẹn. Ẹ fi funfun kọ lẹ́tà, kí ẹ mú ewé pátákó dúdú sí i, kí pupa máa wà létí bí ọ̀ṣọ́.

Akọrin_Yaba

Mo yí i. Gbogbo rẹ̀ di eérú kan náà, n ò rí lẹ́tà kankan! Ó kù kí n lọ ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ pé pupa ò ní sí nínú ẹsẹ Bíbélì mọ́. Ìyẹn ló le jù.

Tíṣà_Èdè

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Mo ti ń kà á láti òkè wá, àmì abẹ́ nìkan lẹ sì ń sọ. Àmì ohùn ńkọ́? Èmi fẹ́ kí gbogbo orúkọ ní àmì ohùn pé. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá fún àwọn tó ń ṣe fídíò ilé ìwé wa ní ìwé tí mo ti fi àmì sí, "Ẹ̀gbọ́n" máa ń jáde pẹ̀lú àmì tó fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí kékeré òfo wà níbi tó yẹ kí àmì wà.

Ẹlẹ́rọ_Oǹdó

Tíṣà, fọ́ǹtì ni. Ẹ àti Ọ ní ààyè tiwọn nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n Ẹ̀ tàbí Ọ́ kò ní ààyè kan ṣoṣo: lẹ́tà kan ni, àmì kan sì wá gùn ún lórí. Fọ́ǹtì tí wọn ò kọ́ ní ibi tí àmì yóò jókòó sí, ṣe ló máa jù ú síbi tó bá wù ú. Kí n tó fi ọwọ́ sí fọ́ǹtì kankan, màá kọ eléyìí sínú rẹ̀: "Ẹ̀ Ọ́ ẹ́ ọ̀ Ṣ ń ǹ". Noto Sans àti Andika máa ń gbé gbogbo rẹ̀ dáadáa, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ tún ṣọ́ eléyìí: àwọn ohun èlò kan máa ń lọ yá lẹ́tà ẹ àti ọ láti inú fọ́ǹtì mìíràn láìsọ fún yín. Ẹ á rí i pé lẹ́tà méjèèjì tínrín nígbà tí ìyókù nípọn.

Ibi tí àmì ohùn ti ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ìlà méjì. Àmì abẹ́ ìlà òkè ń sọ̀ kalẹ̀, àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ ń gòkè, wọ́n á sì pàdé. Àyè tí ohun èlò ń fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ò tó fún wa. Ní 84, láti ẹsẹ̀ ìlà kan dé ẹsẹ̀ èkejì, mò ń fi nǹkan bí píksẹ́lì 120 sí i.

Ọmọ_Alágbàká

Èmi ò ní fi àmì ohùn sí i o. Àmì abẹ́ nìkan tó. Àwọn ènìyàn mọ orúkọ ara wọn, àmì ohùn kàn ń sọ ìsàlẹ̀ di eṣinṣin lórí fóònù kékeré.

Tíṣà_Èdè

Wọ́n mọ orúkọ ara wọn, àlejò tó ti Èkó wá mọ̀ ọ́n? Bí o bá fọ àmì ohùn dànù lára "ọkọ", ó lè di ọkọ́, ó lè di ọkọ̀, ọ̀kọ̀ náà wà níbẹ̀.

Ọmọ_Alágbàká

Tíṣà, ọkọ tó jẹ́ ti màmá ò ní àmì ohùn kankan. Ìyẹn gan-an ni mò ń sọ.

Ẹlẹ́rọ_Oǹdó

Ẹ jẹ́ kí n sá kúrò láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Tèmi ni pé tí àyè bá wà, mo ń fi sí i, pàápàá lára orúkọ ìlú àti oyè. Tí àmì ohùn bá máa fi dandan mú mi dín lẹ́tà kù sí 60, mo ń yọ ọ́. Àmì abẹ́ ni n kì í yọ láé.

Oníkámẹ́rà_ÒkèÀró

Mo ti dé o. Mo ti ṣe é fún orúkọ mẹ́rin. Noto Sans tó nípọn, 84, ìlà góòlù ti lọ sí òsì. Mo fún un pọ̀ bí ẹ ṣe kọ ọ́, mo wá gbé e lọ sí Ọjà Ọba láàárọ̀ yìí, mo fi han ìyá aláta tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọkọ Olóògbé" ló kà! Kò fi ọwọ́ fẹ̀ ẹ́, kò sì gbé e súnmọ́ ojú.

Ìṣòro méjì ló kù. Ọmọ rẹ̀ gba fóònù náà, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó fi ìka méjì fẹ àwòrán kó lè kún ojú fóònù, ìdajì pátákó mi sì wọlẹ̀ lọ. Èkejì, olóyè kan wà nínú fídíò yẹn. Oyè rẹ̀ mẹ́rin, ó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, ó tún jẹ́ àgbà ìjọ, ó ní gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ní 84, kò gba ibẹ̀.

Ẹlẹ́rọ_Oǹdó

Ti ọmọ yẹn, ó rọrùn. Fóònù òde òní gùn ju fídíò wa lọ, 20 sí 9 ni ọ̀pọ̀ wọn, fídíò wa jẹ́ 16 sí 9. Kó tó lè kún, ó gbọ́dọ̀ gé ìdá kan nínú 10 lókè, kó gé ìdá kan nínú 10 nísàlẹ̀. Nínú 1080, ìyẹn jẹ́ píksẹ́lì 108 lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé ìsàlẹ̀ pátákó kúrò nílẹ̀ tó 150. Ibẹ̀ náà ni bọ́tìnnì àti ìlà ìṣẹ́jú ti máa ń jáde bí ènìyàn bá fọwọ́ kan ojú fóònù, nítorí náà ẹ ò pàdánù nǹkan kan.

Ti olóyè ló le. Bí pátákó bá fẹ̀ tó 1500, lẹ́tà bí 30 ló lè gbà ní ìlà kan. Bí mo ṣe ń ṣe ni kí n fi orúkọ àti oyè tó ga jù hàn fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, kí n wá yí i padà sí orúkọ àti àwọn oyè ìyókù fún 5 mìíràn. Orúkọ dúró, oyè ló ń pààrọ̀.

Akọrin_Yaba

Ní Oǹdó níbí, ẹni tí oyè rẹ̀ bá ṣìkejì jáde á béèrè ìdí tí kò fi ṣáájú. Mo ti rí i. Wọ́n di bàláǹsì owó mú fún oṣù méjì.

Ẹlẹ́rọ_Oǹdó

Ìyẹn, n ò ní ìdáhùn sí i. Ẹ fi ìwé pẹlẹbẹ lọ bá wọn, kí wọ́n fúnra wọn kọ bí ó ṣe máa tẹ̀ lé ara wọn, kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà rárá.

Mọ̀mí_Oníkòkó

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ. Ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè fi ránṣẹ́ tí WhatsApp ò ní fún un pọ̀?

Ẹlẹ́rọ_Oǹdó

Ó wà, mà. Bí wọ́n bá tẹ Document dípò Gallery, bí fídíò ṣe wà ló máa dé. Ṣùgbọ́n ó máa wúwo, ẹni tó ń rà dátà díẹ̀díẹ̀ ò ní gbà á wálẹ̀.

Oníkámẹ́rà_ÒkèÀró

Fídíò màmá jẹ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20. Mo gbìyànjú Document yẹn lánàá. Ènìyàn 6 nínú 40 ló gbà á wálẹ̀. Màá gé e sí wẹ́wẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí n tún fi wọ́n ránṣẹ́. Ti bàbá ni màá kọ́kọ́ ṣe.